Lẹ́tà ẹ̀rí fún dókítà tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ: ohun tí mo ti kọ́ ní Rẹ́mọ

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ wa tó ti di dókítà máa ń padà wá bá wa ní Ṣágámù. Lẹ́tà ẹ̀rí ni wọ́n ń wá, èyí tí wọn yóò fi du àyè rẹ́sídẹ́ǹsì nínú ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mo ti ka èyí tí àwọn ẹgbẹ́ mi kọ, mo sì ti jókòó láàárín àwọn tó ń yan ẹni tí yóò wọlé. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń jáde láti ìhà ọ̀dọ̀ wa kò gbe ẹni tí a kọ ọ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyìn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Oríkì la sábà máa ń kọ. A ó ní ọmọ náà jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, ó níwà ìrẹ̀lẹ̀, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, orí rẹ̀ pé. Ẹni tó ń kà á ní òkè òkun ti ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ kó tó kan tiwa. Kò mọ ọmọ náà, kò mọ àwa, kò sì sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ wa tó lè fi mọ ìyàtọ̀ láàárín Ṣadé àti Fẹ́mi. Ohun mẹ́ta ló fẹ́ mọ̀. Tí aláìsàn bá wà níwájú ọmọ yìí, báwo ló ṣe ń rò ó? Tí a bá fún un ní iṣẹ́ ìwádìí, ṣé ó lè ṣe é kó má bà jẹ́? Tó bá ní òun yóò ṣe nǹkan, ṣé yóò ṣe é? Ohun tí a fojú rí nìkan ló lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ìṣẹ̀lẹ̀ kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sọ dáadáa, sàn ju ogún ìyìn lọ.

Ìyìn kan tiẹ̀ wà tó máa ń ṣe ọmọ náà ní jàǹbá. Lọ́dọ̀ wa, tí a bá sọ pé dókítà kékeré kì í gbó àgbà lẹ́nu, a ti yìn ín dé òpin. Ẹni tó ń kà á ní Amẹ́ríkà lè máa bi ara rẹ̀ pé, tí ọ̀gá bá fẹ́ kọ oògùn tí kò yẹ fún aláìsàn lóru, ṣé ọmọ yìí yóò dákẹ́ ni? Mi ò ní ká yọ ọ̀rọ̀ ìwà kúrò. Ọmọlúàbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká sọ ọ́ nípa bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ọ̀gá kalẹ̀ láìrí ọ̀gá fín. Ìyẹn ló ṣòro jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, òun sì ni wọ́n ń wá.

Kí a tó dé orí ohun tí a ó kọ, ó yẹ ká mọ ẹni tó yẹ kó kọ ọ́. Nínú haosi-jọ́ọ̀bù, ẹ̀ka mẹ́rin ni ọmọ ń gbà kọjá: ìṣègùn gbogboogbò, iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọmọdé, àti ti aboyún òun àìsàn obìnrin, oṣù mẹ́tamẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì bá oníṣègùn ọpọlọ ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé. Nítorí náà wọ́n máa ń sáré tọ kọ́ńsọ́tàntì ọpọlọ tó rántí orúkọ wọn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n ṣáà lè ní lẹ́tà láti ẹ̀ka náà. Ó yẹ kí lẹ́tà kan ó kéré tán wá láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ, òótọ́ ni. Àmọ́ tí kọ́ńsọ́tàntì náà kò bá lè rántí aláìsàn kan tí òun àti ọmọ náà jọ tọ́jú, kí ó sọ fún un pé òun kò ní lè kọ èyí tó lágbára, kí ó wá ẹlòmíì. Kíkọ̀ yẹn kì í ṣe ìkórìíra. Lẹ́tà kọ́ńsọ́tàntì ìṣègùn gbogboogbò tó rí ọmọ náà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta níye lórí gan-an. Nínú ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń fi kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́rin ó kéré tán jẹ́ ti ìṣègùn ara, méjì sì jẹ́ ti àrùn iṣan àti ọpọlọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà lè tọ́jú ara pẹ̀lú.

Àṣà kan tún wà tó ti gbilẹ̀ láàárín wa: kọ́ńsọ́tàntì yóò ní kí ọmọ lọ kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, kó gbé e wá kí òun fọwọ́ sí i. Yàtọ̀ sí pé kò tọ́, ó máa ń hàn. Lẹ́tà mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀gá mẹ́ta yóò ní irú gbólóhùn kan náà, àṣìṣe kan náà, àti ọ̀rọ̀ àyànfẹ́ kan náà bíi ti àrọ̀kọ tí ọmọ náà kọ nípa ara rẹ̀, ẹni kan náà ni yóò sì ka gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó kan. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò sì mọ ohun tí ọ̀gá rí nínú òun. Ohun tí mo máa ń béèrè dípò ìyẹn ni ìwé iṣẹ́ rẹ̀, àrọ̀kọ rẹ̀, ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wọlé, àti ojú ìwé kan péré tí ó fi rán mi létí aláìsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a jọ tọ́jú, láìkọ orúkọ wọn: ohun tí ó rò nígbà náà, ohun tí ó ṣe, bí ó ṣe parí. Ìrántí ni ó fún mi. Èmi ni mo ń yan èyí tí mo máa lò, èmi ni mo ń kọ ọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti fi wé ohun tí mo rí. Oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kí ó kó wọn wá, torí lẹ́tà tí a kọ ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, tí iná ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn, oríkì ni yóò padà jẹ́.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ sọ ipò yín, ìgbà tí ẹ mọ ọmọ náà sí ìgbà wo, iye ìgbà tí ẹ ń rí i lọ́sẹ̀, àti iṣẹ́ tó ń ṣe lábẹ́ yín. "Mo mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́rin" kò sọ nǹkan kan tó bá jẹ́ pé kíláàsì ló jókòó sí. "Fún ọ̀sẹ̀ 12, a jọ ń yí wọ́ọ̀dù po ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì ń ka ohun tí ó kọ sínú fáìlì" sọ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé ibi tí ẹ wà. Ẹni tó ń kà á kò mọ Ṣágámù, kò sì mọ̀ pé ẹbí aláìsàn ló máa ń jókòó tì í ní wọ́ọ̀dù wa, tí wọ́n ń ra oògùn, tí wọ́n sì ń sọ ìtàn àìsàn náà ní ẹnu mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní mọ iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe kó tó rí òótọ́ ọ̀rọ̀ fà yọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣe pàtàkì wá nìyí, bí ọmọ náà ṣe ń ronú níwájú aláìsàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ ni pé "ó ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀, ó sì máa ń dá àìsàn mọ̀ kíákíá." Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká wo bí a ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ká sọ pé wọ́n gba ọ̀dọ́kùnrin kan sí wọ́ọ̀dù torí pé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ó sì gbà pé àwọn ará àdúgbò fẹ́ pa òun. Wọ́n fún un ní halopẹridọ́ọ̀lù mílígíráàmù 5 lójúmọ́, wọ́n sì gbé e dé 10 ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ karùn-ún, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru ní kò sùn rárá, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, kò lè jókòó jẹun. Réjísírà wò ó, ó ní àìsàn náà ń le sí i, ó fẹ́ gbé oògùn náà dé 15.

Olùbẹ̀wẹ̀ wa, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ohùn yẹn ń pọ̀ sí i. Ọkùnrin náà ní rárá, ó ti ń lọ sílẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí kò jókòó. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni kò gbà fún òun, nǹkan kan ń lé òun dìde láti inú, ó sì ń sú òun. Dókítà náà ní kí ó jókòó, ó wò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Ó ní kí ó dìde dúró, ó tún wò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ kò sinmi. Lórí ìdúró, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ òmíràn kalẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó yẹ fáìlì wò, ó rí i pé lẹ́yìn tí oògùn dé 10 ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó ka ìlù ọkàn rẹ̀, ó tẹ apá rẹ̀ wò bóyá ó le gan-gan, torí pé ibà pẹ̀lú ara líle nínú ẹni tó ń lo oògùn yìí lè jẹ́ ewu tó ń pani. Kò rí ìyẹn. Ó bi ẹbí rẹ̀ bóyá ó ń mu ọtí tàbí tramadọ́ọ̀lù kó tó wọlé, torí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ náà kì í lè jókòó.

Akatísíà ni ó pè é, ìyẹn àìlèjókòó-jẹ́ẹ́ tí oògùn fúnra rẹ̀ ń fà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: tí a bá gbé oògùn sókè, ohun tó ń dà á láàmú ni a ń fi kún. Ó dá a lábàá pé kí a dá halopẹridọ́ọ̀lù padà sí 5, kí a sì fi propranolọ́ọ̀lù mílígíráàmù 10 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ kún un, lẹ́yìn tí ó ti béèrè bóyá ó ní ikọ́ fée, tí ó sì ti wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó tún kọ ohun tí yóò jẹ́ kí òun yí èrò padà: tí ohùn náà bá tún ń pọ̀ sí i lórí 5, a jẹ́ pé kí a pààrọ̀ oògùn ni, kì í ṣe kí a padà sí 10. Àìlèjókòó náà rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sùn, ó jókòó jẹun.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa rí nínú lẹ́tà. Kò ní gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 120 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A kò ní kọ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí síbẹ̀. Ohun tí a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ni èrò tí ó wà nílẹ̀ kó tó dé, ìbéèrè tó bi tó ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀, ewu tó kọ́kọ́ mú kúrò, àti ohun tó ní yóò fi hàn bí òun bá ṣì í. Mo fẹ́ràn èyí tó kẹ́yìn yẹn jù. Ẹnikẹ́ni lè sọ orúkọ àìsàn kan, kó sì ṣe kòńgẹ́. Ẹni tó kọ sílẹ̀ ohun tí yóò mú òun yí padà ni ó ń ronú ní tòótọ́. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un nípa réjísírà: pé ó mú un wá sẹ́bàá ibùsùn, ó ní kí ó bá òun wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, tí wọ́n sì jọ fẹnu kò. Níbẹ̀ ni ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ìwà rẹ̀ láìkọ "ìrẹ̀lẹ̀" rárá.

Àṣìṣe kan tí mo máa ń rí níbí ni yíyan aláìsàn tó ṣọ̀wọ́n, kí ó lè dà bí ohun ńlá. Ẹni tó ń kà á kò lè mọ̀ bóyá ọmọ náà ló dá a mọ̀ tàbí ìwọ. Ohun tó wọ́pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì, tí ọmọ yìí kò ṣì, ló dára jù.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìwádìí. Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé "ó kópa nínú ìwádìí kan pẹ̀lú mi." Ìkópa kò nítumọ̀. Ẹni tó ń ra bíírò fún wa náà kópa. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe: ṣé òun ló kọ ìwé ìbéèrè fún àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí, àbí òun ló gba ìdáhùn lẹ́nu àwọn aláìsàn, àbí òun ló tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, àbí òun ló ṣírò rẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí nǹkan ti fẹ́ bà jẹ́ tí kò fi bà jẹ́.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa ni ìwádìí nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín àwọn alátọ̀gbẹ. PHQ-9 ni wọ́n sábà máa ń lò. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló ní, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wà láàárín 0 sí 3, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Ẹni tó bá gba 10 sókè ni a sábà máa ń yẹ̀ wò síwájú sí i, nítorí pé máàkì náà kò tíì sọ pé ẹni náà ní àìsàn. Nígbà tí olùbẹ̀wẹ̀ wa ń to ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó rí ẹnì kan tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29. Ọ̀pọ̀ ni yóò pa ẹni náà rẹ́, tí wọn yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọmọ yìí padà sí ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ó rí i pé ẹni náà kò dáhùn ìbéèrè méjì. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ti gbà láàárín ara wọn pé 9 ni kí wọ́n fi dípò ìbéèrè tí a kò dáhùn, kọ̀ǹpútà sì ń ro 9 náà pọ̀ mọ́ máàkì.

Ibi tí mo ti mọ ẹni tó mọ ìwádìí ṣe ni ohun tó ṣe tẹ̀lé e. Kò dúró lórí ẹnì kan yẹn. Ó rí i pé ẹni tó bá gba 4, tó sì fi ìbéèrè kan sílẹ̀, yóò di 13, yóò sì kọjá 10 láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é, bẹ́ẹ̀ 13 kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tó ń wo àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà, ó yẹ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wò fún ohunkóhun tó bá ju 3 lọ, ó ya gbogbo wọn sọ́tọ̀, ó kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, ó sì wá sọ fún olórí ìwádìí pé iye tí wọ́n ti fẹ́ gbé lọ sí ìpàdé ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá kọ ìyẹn sínú lẹ́tà, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tí kò ní dúró kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9 ń béèrè bóyá ẹni náà ti ń rò pé ó sàn kí òun kú, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Ẹ wo bóyá olùbẹ̀wẹ̀ yín ronú kan ìyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ti ṣètò pé ẹnikẹ́ni tó bá dáhùn ju 0 lọ kò ní kúrò ní kíníìkì ní ọjọ́ yẹn kí dókítà tó bá a sọ̀rọ̀? Àbí inú àpò ni wọ́n kó ìwé náà sí, tí wọn kò kà á títí di òpin oṣù? Tó bá jẹ́ òun ló gbé ètò náà kalẹ̀, ẹ kọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ìwé ìwádìí náà kò tíì jáde, ẹ sọ pé wọ́n ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ má kọ pé ó ti jáde. Wọn yóò bi ọmọ náà níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun ni ojú yóò tì, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ní ti ṣíṣeé gbára lé, ọ̀rọ̀ tí kò nílò gígùn ni, ṣùgbọ́n òun ni a ń sọ láìbìkítà jù. "Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́" kò tó. Ẹ sọ bó ṣe ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni ẹni tó ń lo lítíọ́ọ̀mù. Tí kì í bá ṣe pé a ń fura sí májèlé oògùn náà, wákàtí 12 lẹ́yìn oògùn tó lò kẹ́yìn ni a ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á ní wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn oògùn àárọ̀, iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó ga jù, wọn yóò sì dín oògùn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kù. Ọmọ tí mo lè gbára lé máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni yóò lo oògùn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má fún un ní ti àárọ̀ títí wọn ó fi gbà á, àti orúkọ dókítà tí nọ́ọ̀sì yóò gbé èsì fún. Yóò tún kọ ohun tí òun kò tíì ṣe. Ìyẹn ni mo máa ń wò jù: ṣé ó máa ń sọ iṣẹ́ tí kò parí kí ẹnikẹ́ni tó béèrè? Ẹ sọ pé ẹ rí i léraléra, ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti rí i, torí pé ẹ̀ẹ̀kan kò fi ṣíṣeé gbára lé hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọmọ náà wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ àwọn wo ni ẹ fi wé. Tí ẹ bá ní ó wà lára àwọn tó dára jù, láàárín ènìyàn mélòó, fún ọdún mélòó? Tí ẹ bá ti lo gbólóhùn yẹn fún gbogbo ènìyàn, àwọn tó ń ka lẹ́tà yín lọ́dọọdún yóò mọ̀. Kí ẹ sì sọ ibi kan tí ó ṣì kù sí, ní òtítọ́: bóyá ó máa ń pẹ́ jù lórí aláìsàn kan nígbà tí kíníìkì bá kún, tó sì ti ń dára sí i. Lẹ́tà tí kò ní àléébù kankan a máa jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Fún àwọn obìnrin, ẹ padà kà á kí ẹ wò bóyá ọ̀rọ̀ inúure àti ìfọkànsìn nìkan ló kún ibẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ làákàyè ni ẹ kọ fún àwọn ọkùnrin. Àwọn tó ti yẹ irú lẹ́tà yìí wò fi hàn pé a máa ń ṣe é láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí aláìsàn ṣe pàtàkì púpọ̀ ní ìlú bíi tiwa. Yíyọ orúkọ kò tó. Tí ẹ bá kọ pé ìyàwó olùṣọ́ àgùntàn kan ní Ìperu, tàbí olùkọ́ kan tó ń gbé lẹ́bàá ààfin, ẹnikẹ́ni láti Rẹ́mọ tó bá kà á ti mọ̀ ọ́n, àwọn ará Rẹ́mọ sì wà ní ilé ìwòsàn púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ yọ ìlú, iṣẹ́, ìjọ, àti ọjọ́ orí gan-an kúrò. "Ọ̀dọ́kùnrin kan" tó. Kò sí ohun tí ìyẹn ń dín kù nínú lẹ́tà, torí ìrònú dókítà náà ni wọ́n fẹ́ kà.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí ó jẹ́ ojú ìwé kan, tàbí kan àti ààbọ̀. Orí ìwé ilé iṣẹ́ ni kí ó wà, pẹ̀lú ọjọ́, ìbuwọ́lùwé, ipò yín àti ímeèlì tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ti lo lẹ́tà àtijọ́ ṣe ìpìlẹ̀, ẹ wá orúkọ ẹni ìṣáájú nínú rẹ̀, ẹ sì wo bóyá obìnrin ti di ọkùnrin ní àárín ọ̀nà. Èdè wa kò ya "ó" ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin, Gẹ̀ẹ́sì sì ń yà á, ibẹ̀ ni a ti ń ṣubú. Ẹ má fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ lórí tábìlì tí òjìji wà. Ẹ sọ ọ́ di PDF tó mọ́.

ERAS, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń du àyè rẹ́sídẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń gbé e gbà. Ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ forúkọ yín sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì fi Letter Request Form ránṣẹ́ sí yín, èyí tí Letter ID wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó tẹ̀ sínú LoR Portal kí ẹ tó gbé PDF náà sókè. Tí ọmọ méjì bá ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ yín lọ́dún kan náà, ẹ gbé ìwé méjèèjì síwájú, kí ẹ fi orúkọ orí fọ́ọ̀mù wé orúkọ inú lẹ́tà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́tà mẹ́rin ni ètò kan lè gbà fún olùbẹ̀wẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ bi í èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yòókù yóò sọ, kí tiyín má bàa tún èyí tí wọ́n ti sọ sọ. Yóò sì pinnu lórí fọ́ọ̀mù náà bóyá òun fi ẹ̀tọ́ láti ka lẹ́tà sílẹ̀. Ó dára kí ó fi í sílẹ̀, torí àwọn tó ń yàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba lẹ́tà tí ọmọ ti kà gbọ́. Tó bá ti fi í sílẹ̀, ẹ má fi ẹ̀dà kankan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni àwọn ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí àwọn ìwé ìbéèrè wò. Mo máa ń fẹ́ kí tèmi ti wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ọmọ náà lè rí i lójú ẹ̀rọ tirẹ̀ pé ó ti wọlé, kó sì yàn án fún àwọn ibi tí ó fẹ́ kí ó dé.